Orí Kì í Padà Lẹ́yìn Ẹni: Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Ọmọ Àbúrò Mi

Ọmọ àbúrò mi obìnrin ni mo kọ ọ̀rọ̀ tòní sí, nítorí pé ó ń fi Ẹ̀pẹ́ sílẹ̀ lọ sí ìlú Mansẹ́sítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lọ kàwé gba oyè kejì. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, mo rí i pé ẹsẹ̀ Ifá tí mo túmọ̀ fún un ń bá gbogbo ẹni tí ó ní ọmọ lẹ́yìn odi wí. Mo gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ kí n tó gbé e síwájú yín.

Ọmọ mi,

Nígbà tí o wá bá mi ní Ìkòròdú, ohun méjì ni o béèrè. Èkíní, o ní ta ni yóò máa ṣọ́ ọ ní ibi tí ẹnì kan kò ti mọ orúkọ bàbá rẹ. Èkejì, o ní kí n fún ọ ní nǹkan kan láti inú ojúbọ mi, kí o fi í sínú báàgì, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀. Mo dá ọ lóhùn díẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìyá rẹ wà níbẹ̀, ojú sì ń kán ọ. Jẹ́ kí n dá ọ lóhùn dáadáa báyìí, nítorí ìbéèrè méjèèjì, ìdáhùn kan ṣoṣo ni wọ́n ní.

Rántí bí a ṣe dá Ifá náà. O jókòó sórí ẹní, o mú owó lọ́wọ́, o sọ ohun tí ó wà ní ọkàn rẹ sí i lára wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, èmi kò sì gbọ́. Mo kó ikin mẹ́rìndínlógún sí àtẹ́lẹwọ́, mo ń fi ọwọ́ kejì gbá wọn. Bí ikin kan bá ṣẹ́kù, mo tẹ àmì méjì sí ìyẹ̀rosùn. Bí méjì bá ṣẹ́kù, mo tẹ ẹyọ kan. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ tán, ẹyọ kan, ẹyọ kan, ẹyọ kan ni ó tò láti òkè wá, méjì sì wà ní ìsàlẹ̀, bákan náà ní ọ̀tún àti ní òsì. Ògúndá Méjì ni. A di ìbò, owó ẹyọ fún ire, eegun fún ibi. Ire ni Ifá fọ̀. Nígbà tí a béèrè ohun tí a ó bọ kí ire náà lè dúró, Ifá kò mú Ògún, kò mú Ọ̀ṣun, kò tilẹ̀ mú ara rẹ̀. Orí rẹ ni ó mú. Mo rí i tí o wo ojú mi bí ẹni tí ó rò pé wọ́n fi ohun kékeré tan òun jẹ. Kì í ṣe ohun kékeré, ìtàn kan wà lẹ́yìn rẹ̀.

Inú Ògúndá Méjì yìí kan náà ni ìtàn ọ̀hún wà. Alẹ́ mélòó kan ni ọ̀gá tí ó kọ́ mi ní Ifá fi sọ ọ́ fún mi, òrìṣà kan ní alẹ́ kan, títí ó fi wọ̀ mí lára. Èmi yóò sọ ọ́ fún ọ ní ẹnu ara mi, nítorí pé o kò ní àkókò tí èmi ní nígbà náà.

Ìbéèrè kan jáde láàárín àwọn òrìṣà: ta ni nínú wọn ni ó lè bá ẹni tí ń sìn ín rin ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn, títí dé òdì kejì òkun, tí kò ní padà lẹ́yìn rẹ̀? Ṣàngó ni ó kọ́kọ́ dáhùn. Ó ní òun tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá bi í pé bí ó bá rìn títí, tí ó dé Kòso ilé àwọn baba rẹ̀, tí wọ́n ro àmàlà, tí wọ́n se gbẹ̀gìrì, tí wọ́n gbé orógbó àti àkùkọ síwájú rẹ̀, kí ni yóò ṣe. Ṣàngó kò purọ́. Ó ní bí òun bá yó tán, òun yóò padà sí ilé òun. Wọ́n ní a jẹ́ pé kò lè bá a dé ibẹ̀. Ọya náà ní òun tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dárúkọ Ìrá àti ohun tí wọn yóò fi ṣe é ní àlejò níbẹ̀, ìdáhùn kan náà ni ó fún wọn. Ògún dé Ìrè, ó jẹ ajá rẹ̀, ó mu ẹmu rẹ̀, ó fẹ́ padà. Ọ̀ṣun dé Ìjùmú, òun náà fẹ́ padà. Ọ̀rúnmìlà fúnra rẹ̀, ẹlẹ́rìí ìpín, wọ́n bi í léèrè ohun tí yóò ṣe bí ó bá dé Òkè Ìgẹ̀tí tí wọ́n fún un ní eku, ẹja, àti ewúrẹ́ rẹ̀. Ó ní òun yóò yó, òun yóò sì padà sí ilé.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dé ojú kókó. Ìdáhùn tí ó jáde ni pé Orí nìkan ni ó lè bá ènìyàn dé ibi tí òkun pin sí láì padà. Ifá sì fi ẹ̀rí tì í. Bí babaláwo bá kú, a máa ń kó Ifá rẹ̀ kúrò. Bí adósù Ṣàngó bá kú, a máa ń kó ohun Ṣàngó rẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọmọ aráyé ti ń kú, wọn kì í gé orí òkú sílẹ̀ kí wọ́n tó sin ín. Orí bá a wá láti ọ̀run, ó sì bá a padà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbọ́ ìtàn yìí bí ẹni pé ó ń bu àwọn òrìṣà kù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí èyí tí ó da ẹni rẹ̀ nínú wọn, kò sì sí èyí tí ó purọ́. Olúkúlùkù wọn ní ilé, wọ́n sì fẹ́ràn ilé wọn. Ohun tí Ifá ń kọ́ wa ni pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ilé tirẹ̀, ibì kan wà tí yóò ti dúró ní ọ̀nà rẹ. Wo ti àwa náà. Ìyá rẹ yóò sìn ọ́ dé pápákọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà. Yóò gbé báàgì, yóò sunkún, yóò ṣàdúà. Nígbà tí ó bá dé ẹnu ibodè tí wọ́n ti ń wo ìwé ìrìnnà, wọn yóò ní kí ó dúró. Ibẹ̀ ni Kòso tirẹ̀. Ọjà Olúwo ń dúró dè é, ẹja wà lórí iná. Èmi náà, Ìkòròdú ni Kòso mi. Má ṣe rò pé a fi ọ́ sílẹ̀. Ibi tí ìrìn wa mọ nìyẹn.

Ohun kejì wà nínú ẹsẹ̀ yìí tí ọ̀gá mi kò jẹ́ kí n fò. Kíyè sí i pé kì í ṣe ìyà ni ó dá àwọn òrìṣà náà padà. Ìtọ́jú ni. Wọ́n yó, wọ́n gbàgbé ibi tí wọ́n ń lọ. Gbogbo ènìyàn ni ó ń kìlọ̀ òtútù àti ìnìkanwà fún ọ, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Èmi ń kìlọ̀ àbọ̀ oúnjẹ tí ó dùn fún ọ. Ọjọ́ tí o bá rí owó díẹ̀, tí o rí yàrá tí ó móoru, tí o rí ọ̀rẹ́ tí ń pè ọ́ sí ibi ìgbádùn ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, bi ara rẹ pé: ṣé ibi tí mo ń lọ nìyí, àbí Kòso ni mo dé? Ilẹ̀ tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ ni a tà kí owó ilé ẹ̀kọ́ lè pé. N kò sọ ọ́ láti di ẹrù lé ọ lórí. Mo sọ ọ́ kí o lè mọ ibi tí ò ń lọ, kí o má ba à jókòó sí ọ̀nà.

Nítorí náà, ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ ni Orí rẹ. Jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń bọ ọ́ fún ọ, nítorí bí mo ti ṣe é fún ọ ní Ìkòròdú kọ́ ni ìwọ yóò máa ṣe é ní yàrá akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí ó gba ẹyẹlé àti ẹja àrọ̀, a ti ṣe é parí ní ilé kí o tó lọ. Má wá ẹyẹ láàyè kiri ní ìlú onílùú. Òfin wọn lórí pípa ẹran le, Ifá kò sì rán ọ sí ẹ̀wọ̀n. Omi tútù àti obì ni tìrẹ, wọ́n sì tó.

Bí o bá jí, kí o tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kí o tó fi ọwọ́ kan fóònù, fọ ojú àti ẹnu rẹ. Bu omi tútù sínú abọ́ funfun kan tí o kò fi jẹun. Fi ìka bọ inú omi, fi kan iwájú orí, fi kan àtàrí, fi kan ìpàkọ́. Pe orúkọ ara rẹ pẹ̀lú orúkọ bàbá àti ìyá rẹ, kí o sì bá Orí rẹ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Sọ ohun tí ọjọ́ náà fẹ́ gbé wá: ìdánwò ni, ìwé kíkọ ni, tàbí ènìyàn líle kan ni o fẹ́ lọ bá. Má ṣe sọ pé kí ó fún ọ ní ohun gbogbo. Sọ ohun kan, kí o sì sọ ọ́ yékéyéké. Omi tí ó kù, dà á sí ìdí igi kan ní ìta. Ilẹ̀ yàrá wọn sábà máa ń ní kápẹ́ẹ̀tì, a kì í da omi sí i bí a ṣe ń dà á sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nílé.

O lè béèrè pé ìgbà wo ni òwúrọ̀. Nílé, oòrùn ni ó ń sọ fún wa, kì í sì í purọ́ púpọ̀. Ní Mansẹ́sítà, oòrùn kì í yọ nínú oṣù Kejìlá títí agogo mẹ́jọ yóò fi kọjá, ó sì ń wọ̀ kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Nínú oṣù Kẹfà, kí agogo márùn-ún tó lù ni ilẹ̀ ti mọ́. Bí o bá ń dúró de oòrùn, ìwọ yóò pẹ́ dé kíláàsì ní ìgbà òtútù, ìwọ kò sì ní sùn ní ìgbà ooru. Ìjí rẹ ni òwúrọ̀ rẹ. Ìgbà tí o bá lajú ni Orí rẹ lajú.

Obì kì í ṣe ti ojoojúmọ́. Fi í sí ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀, tàbí ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá wúwo. Obì àbàtà olójú mẹ́rin ni kí o lò, èyí tí ó ní akọ méjì àti abo méjì. Gbànja kò bá iṣẹ́ yìí mu, nítorí ojú méjì péré ni ó ní. Là á pẹ̀lú ọwọ́, má ṣe fi ọ̀bẹ gé e. Ta omi sí i, fi kan orí rẹ, bi í ní ìbéèrè kan tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí o sì dà á sínú àwo. Bí méjì bá ṣí ojú sókè, tí méjì dojú dé, ó yàn. Dúpẹ́, jẹ nínú rẹ̀, ó parí. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ṣí ojú sókè, ire ni pẹ̀lú. Bí ẹyọ kan tàbí mẹ́ta bá ṣí ojú, ọ̀rọ̀ kò tí ì tán. Ṣàdúà, ta omi sí i, kí o tún un dà lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dojú dé, dáwọ́ dúró. Má ṣe gbé e dà títí yóò fi sọ ohun tí o fẹ́ gbọ́. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ tí ó wà lókèèrè ti máa ń ṣìnà: wọ́n á dà á ní ìgbà méje, èkeje á yàn, wọ́n á ní Orí gbà. Orí kò gbà, apá wọn ni ó rẹ̀. Pè mí. Wákàtí kan péré ni a fi ṣíwájú yín ní ìgbà òtútù, ní ìgbà ooru aago wa dọ́gba. Èmi yóò da Ifá sílẹ̀ níbí, èmi yóò sì sọ ohun tí ó wí fún ọ.

Wàyí o, ìbéèrè kejì, ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú báàgì rẹ. Mo kọ̀ láti fún ọ ní ohun ojúbọ, ìdí rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ahun. Ẹni tí ó bá gba ọwọ́ Ifá gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, ìwọ kò sì tí ì kọ́ ọ. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn nǹkan kan wà tí aṣọ́bodè wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ. Ìkóódẹ tí o rí lára adé àti ojúbọ wa, ìrù odídẹrẹ́ ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni àdéhùn àgbáyé tí ó dáàbò bo àwọn ẹ̀dá tí ó ń parẹ́ ti fi odídẹrẹ́ sí ipele tí òfin rẹ̀ le jùlọ. A kì í gbé ìyẹ́ rẹ̀ kọjá ààlà láì ní ìwé àṣẹ. Ìrókẹ́ tí a fi eyín erin gbẹ́, ó ní òfin tirẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 2018. Ẹran gbígbẹ àti awọ ẹran, wọn kò gbà á láti ọ̀dọ̀ wa rárá. Ewé tútù tí kò ní ìwé ẹ̀rí pé kò ní àrùn lára, wọn yóò dà á nù. Bí ohun mímọ́ bá bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, tí ó jù ú sínú ìdọ̀tí, ẹ̀rù ìyẹn wúwo ju kí o má gbé e rárá lọ.

Abọ́ funfun ni kí o mú. Obì, wá a níbẹ̀. Ní àwọn ilé ìtajà tí ń ta ọjà ilẹ̀ Áfíríkà ni kí o ti béèrè, nítorí ibi tí a bá pọ̀ sí, obì kì í jìnnà. Wò ó dáadáa kí o tó rà á: obì tí ó bá ti gbẹ tí ó sì ń dún bí òkúta kò ní là dáadáa, èyí tí ó bá ní ihò wẹ́wẹ́, kòkòrò ti wà nínú rẹ̀. Fi aṣọ tí ó tutù díẹ̀ wé e, kí o sì fi í sí ìsàlẹ̀ fíríìjì. Àti ohun kan sí i: má ṣe tan iná, má ṣe sun ohunkóhun nínú yàrá. Ẹ̀rọ wà ní àjà tí ń gbóòórùn èéfín, yóò sì kígbe títí gbogbo ilé yóò fi jáde sí òtútù ní òru. Àdúà tí ó lé aládùúgbò sí ìta kò lè gbà.

Bí o kò bá rí obì ńkọ́? Ẹlòmíràn ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ. Àwọn baba àti ìyá wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà kò rí obì níbẹ̀. Wọn kò torí rẹ̀ dákẹ́. Àgbọn ni wọ́n mú, wọ́n gé ẹran rẹ̀ sí mẹ́rin, funfun ní ojú kan, dúdú ní ojú kejì, wọ́n sì ń pe orúkọ rẹ̀ ní obì títí di òní. Ọ̀kan nínú àwọn babaláwo tí ó fi ìdí Ifá múlẹ̀ níbẹ̀ ni Adéṣínà, tí ó gbé ní Rẹ́gílà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hàfánà, tí ó sì kú ní 1905. Ìtàn tí àwọn ọmọ rẹ̀ nínú awo ń sọ ni pé ó gbé ikin rẹ̀ mì kí wọ́n tó kó o sínú ọkọ̀, kí wọ́n má ba à gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ronú sí i. Wọ́n gba aṣọ, wọ́n gba ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n fẹ́ gba orúkọ pàápàá. Orí ni wọn kò rí gbà, ohun tí ó sì wà nínú Orí ni Ifá fi tún hù ní òdì kejì. Ìwọ kì í ṣe ẹrú. O ra ìwé ọkọ̀, o ní físà, o sì lè padà wá nígbà tí o bá fẹ́. Bí àwọn náà bá lè lo àgbọn, ìwọ náà lè lò ó, ó wà ní ọjà wọn.

Kò tilẹ̀ yẹ kí a lọ jìnnà dé Kúbà. Ará Èkó Ẹ̀pẹ́ ni ìyá ìyá rẹ. Nígbà tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní òpin ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ sá wá. Ní 1862 ọba náà padà sí Èkó, ṣùgbọ́n àwọn kan kò bá a lọ. Wọ́n fẹ́ níbẹ̀, wọ́n bímọ níbẹ̀, síbẹ̀ títí di òní a ń pe àwọn kan ní Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́, a ń pe àwọn kan ní Èkó Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀jẹ̀ arìnrìn-àjò ni o gbé wá sáyé. Àjèjì lè dára sí ìlú tí ó dé, kí ó má sì gbàgbé orúkọ ibi tí ó ti wá.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún ti Orí, kí o má ba à rò pé bí o bá ti ta omi sí orí, iṣẹ́ parí. Ìtàn mìíràn wà nínú Ifá, níbi tí gbogbo Orí ti pé jọ láti gbìmọ̀ ohun rere tí wọ́n fẹ́ ṣe. Wọn kò pe Ẹsẹ̀ sí ìpàdé náà. Nígbà tí wọ́n gbìmọ̀ tán, kò sí ẹni tí yóò gbé ìmọ̀ràn náà dé ibi tí ó ń lọ, gbogbo rẹ̀ sì dàrú. Orí ni ó yan ọ̀nà, ẹsẹ̀ ni ó ń rìn ín. Ẹsẹ̀ tìrẹ ní ọdún kan yìí ni ìwé rẹ.

Jẹ́ kí n ṣí i wò fún ọ. Físà akẹ́kọ̀ọ́ rẹ gbà ọ́ láàyè láti ṣiṣẹ́ wákàtí 20 ní ọ̀sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Ẹnì kan yóò sọ fún ọ pé iṣẹ́ òru wà tí wọn kì í kọ sílẹ̀, pé wákàtí 40 kò pa ẹnikẹ́ni. Owó ọ̀sẹ̀ kìíní yóò dùn. Ní oṣù kẹta, ìwọ yóò máa tòògbé ní kíláàsì. Ní oṣù karùn-ún, ilé ẹ̀kọ́ lè kọ̀wé pé o kì í wá mọ́, ọ̀rọ̀ sì lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó fún ọ ní físà. Ìgbà náà ni ìwọ yóò pè mí pé kí n bọ Orí rẹ. Kò sí ohun tí a fẹ́ bọ tí yóò fa ẹsẹ̀ tí ó ti rìn kọjá ààlà padà. Bí owó bá ṣẹ́ ọ, má ṣe tijú. Pè wá. Àjọ ìyá rẹ wà, èmi náà wà. Ẹja yíyan díẹ̀ sí i, a ó rí nǹkan kan ṣe.

Ìyá rẹ ni mo fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀. Ó ń kírun, èmi ń dáfá, ọmú kan náà ni a mu. Nígbà tí Ifá ní kí a bọ Orí rẹ, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, orí ọmọ mi ni, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀." Òun ni ó bu omi tí a lò. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ níbẹ̀ pé o gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan kí o sì kọ ẹbí rẹ kejì, má ṣe bá a jà. Sọ fún un pé orí ni o ń tọ́jú. Kò sí ẹ̀sìn tí ó ní kí ọmọ ènìyàn ba orí ara rẹ̀ jẹ́. Máa pe ìyá rẹ ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí ó bá kírun tán, nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá rọ̀.

Ọmọ mi, bí o ṣe ń lọ yìí, kí ọ̀nà là fún ọ. Kí ẹni tí yóò ràn ọ́ lọ́wọ́ má ṣàìsí nílé. Kí òtútù ibẹ̀ má wọ inú egungun rẹ, kí oúnjẹ ibẹ̀ má jẹ́ kí o gbàgbé ibi tí ò ń lọ. Ohun tí o lọ kọ́, kí o kọ́ ọ yé. Bí o bá dúró pẹ́ níbẹ̀, kí ó jẹ́ pé ire ni ó dá ọ dúró. Bí o bá padà wá, kí ó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ ti parí. Kí Orí rẹ jí pẹ̀lú rẹ ní òwúrọ̀, kí ó sì sùn pẹ̀lú rẹ ní alẹ́. Kí ìyá rẹ gbọ́ ohùn ayọ̀ rẹ nígbà gbogbo tí ó bá gbé fóònù. Kí èmi náà wà láàyè láti túmọ̀ Ifá ìpadàbọ̀ rẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, ẹ bá mi ṣe àṣẹ fún un. Ẹni tí ó bá ní ọmọ lókèèrè, kí ó pe Orí ọmọ náà lóròòwúrọ̀ pẹ̀lú omi tútù, ní orúkọ tí ẹ sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Àṣẹ.